Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Káàkí: "Mo Ti Sìnlú Tán, Kí Ló Wá Kàn?"

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí tí gbólóhùn kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Ìgbàkúùgbà tí ọ̀wọ́ agùnbánirọ̀ kan bá parí ọdún wọn, fọ́tò a kún ojú fóònù: káàkí tí àwọn ọ̀rẹ́ ti fi gègé kọ orúkọ sí láti àyà dé ẹ̀yìn, fìlà tí wọ́n jù sókè, sàtífíkéètì tí wọ́n nà síwájú bí ẹni ń fi ọmọ tuntun han àlejò. Ìlà méjì ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà kìíní á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìlà kejì á béèrè pé, "Kí ló wá kàn báyìí?" Àwọn tó bá fèsì á ní ẹ kú oríire, ọ̀nà á là. Kò sí ẹni tó ń dá ìbéèrè náà lóhùn.

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kó ní ìdáhùn. Ohun tó jẹ́ kó le ni pé ìbéèrè mẹ́ta ló so mọ́ra wọn bí ẹni di ẹrù: owó wo ni màá máa ná láàárín oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, ilé ta ni màá máa sùn, ìwé wo ni màá kó kalẹ̀ níwájú ẹni tó bá fẹ́ gbà mí síṣẹ́? Bí a bá tú ẹrù náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdáhùn. Àmọ́ ọjọ́ ìjáde kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ìparí oṣù tí fóònù kò dún

Ọjọ́ ìjáde kì í dun èèyàn. Èrò pọ̀, ijó wà, owó oṣù tó gbẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà ni ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti bọ́ káàkí ṣì wà nínú ẹgbẹ́ Wáásápù àwọn kọ́pà àdúgbò tó ti sìnlú, torí kò tíì rántí láti jáde níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀wọ́ tó kù lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ó ti wọlé." "Tèmi náà ti wọlé." Á gbé fóònù, á wo ojú rẹ̀, á gbé e sílẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọdún náà ló parí.

₦77,000 ni aláwíì, owó tí ìjọba ń san fún agùnbánirọ̀ lóṣooṣù, báyìí. ₦33,000 ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní oṣù keje 2024, wọ́n kéde àfikún fún àwọn agùnbánirọ̀ náà, owó tuntun ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní oṣù kẹta 2025. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa: owó tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àná ń gbà nígbà tó ń sìnlú ju owó oṣù tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ tó kéré jù máa gbà lọ. Èyí ló fà á tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnlú fi máa ń dà bí ìfàsẹ́yìn lójú ẹni tó bá rí i.

Aláwíì nìkan kọ́ ló sì lọ. Yàrá tí ilé iṣẹ́ tàbí ìlú fi fún kọ́pà lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ibi iṣẹ́ ń fi kún un, níbi tí wọ́n bá ń fún un, lọ. Orúkọ náà lọ pẹ̀lú, èyí sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń pè é ní "Kọ́pà wa" tó sì ń fi ènì sí i, onímọ́tò tó ń ní kó jókòó síwájú, gbogbo wọn mọ káàkí ju bí wọ́n ṣe mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ.

Àga tó ń retí ẹlòmíràn

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé bóyá ibi tí wọ́n ti sìnlú á dá wọn dúró. Wọ́n ti ṣe dáadáa, ọ̀gá fẹ́ràn wọn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sunkún nígbà ìdágbére. Kí ló dé tí wọn kò fi ní gbà wọ́n?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé owó ilé iṣẹ́ náà. Kò sí nínú ìwà kọ́pà. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó fún ẹni tó jókòó sórí àga yẹn láti ọjọ́ tó ti dé. Bó bá dìde, ọ̀wọ́ mìíràn ń bọ̀ láti àgọ́ láàárín oṣù díẹ̀, ìjọba á sì tún sanwó fún ẹni yẹn. Láti dá ẹni àná dúró, ọ̀gá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ ra ohun tó ti ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé, lójú ọ̀gá, àga náà kì í ṣe àyè iṣẹ́. Àga àlejò ni, àlejò mìíràn sì wà lọ́nà.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ tó ní olùkọ́ 14 bá fi ₦45,000 lọ ẹni tó ń gba ₦77,000 lánàá, òfin yẹn kò lè bá a wí. Ẹni tí wọ́n fi lọ̀ lè rò pé wọ́n fojú tẹ́ òun ni, nígbà tó jẹ́ pé iye tí olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń gbà láti ọdún mélòó kan nìyẹn.

Síbẹ̀, wọ́n máa ń dá àwọn kan dúró, àmì rẹ̀ sì wà. Èyí tó dájú jù ni ìtàn ibẹ̀: ṣé ẹnikẹ́ni wà níbi iṣẹ́ yẹn lónìí tó wá gẹ́gẹ́ bí kọ́pà? Bí kò bá sí ẹyọ kan láti ọdún mẹ́rin, èyí ti dáhùn. Àmì kejì ni irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì tí olùkọ́ mìíràn náà lè kọ́, àlejò ni. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi èsì ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà, tàbí òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ jókòó fún Wáẹ́ẹ̀kì ní físíìsì nígbà tí olùkọ́ físíìsì kò sí ní gbogbo àdúgbò, ọ̀gá á ti máa ronú nípa ọjọ́ ìjáde rẹ̀ kí kọ́pà fúnra rẹ̀ tó ronú kàn án.

Oṣù kẹsàn-án ìsìnlú ló yẹ kí kọ́pà béèrè bóyá wọ́n á dá òun dúró, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá ṣì lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò sáà tó ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, àdúrà nìkan ló lè fún un. Ọ̀nà ìbéèrè náà sì ṣe pàtàkì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣe nǹkan" ń sọ ọ̀gá di ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sàn kó lọ bá a, kó kí i dáadáa, kó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Físíìsì SS2 àti SS3 tí mo ń kọ́, mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí ọdún mi bá pé, kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà hàn án. Bí kò bá sì tíì sí ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ bóyá mo lè dúró, àti iye tí ilé ẹ̀kọ́ lágbára rẹ̀." Ọ̀gá á dáhùn ìyẹn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ní oṣù kẹsàn-án, oṣù mẹ́ta tí aláwíì ṣì ń wọlé ló fi sílẹ̀ fún un.

Ìṣirò ẹnì kan

Ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì ka owó rẹ̀ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ọmọbìnrin kan ka jọ́gíráfì. Wọ́n gbé e sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìgbóọrà, Òṣogbo sì ni ilé àwọn òbí rẹ̀ wà. Ó ń gba ₦77,000, ilé ẹ̀kọ́ ń fi ₦10,000 kún un, wọ́n sì fún un ní yàrá. Nínú ₦87,000 yẹn, oúnjẹ ń gba ₦38,000, ọkọ̀ lọ síbi kílíráǹsì oṣooṣù, níbi tí kọ́pà ti ń fi hàn pé òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àti ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ₦7,000, dátà àti ìpè ₦6,000, ó ń fi ₦10,000 ránṣẹ́ sílé, ọṣẹ, oògùn, aṣọ àti ṣọ́ọ̀ṣì sì ń kó ₦11,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦15,000. Ó tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, ó sì ní ₦150,000 lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìjáde. Iye owó lè yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, àmọ́ bí ìṣirò náà ṣe ń lọ kò yàtọ̀.

Bó bá dúró sí Ìgbóọrà, ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn lè san ₦45,000, ṣùgbọ́n kọ́pà tuntun ló ni yàrá yẹn. Ká ní yàrá kan pẹ̀lú owó àdéhùn àti ibùsùn gba ₦80,000 lójú ẹsẹ̀. Ó ku ₦70,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìnáwó rẹ̀ lóṣù, bí a bá yọ ọkọ̀ kílíráǹsì àti ìpàdé àti owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé kúrò, jẹ́ ₦55,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni kò pé lóṣooṣù, ìyẹn ni pé ₦70,000 á gbé e fún oṣù méje. Bó bá rí ọmọ mẹ́fà tí yóò máa kọ́ ní lẹ́sìnnì ní ₦4,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦24,000 wọlé, ó sì ń jèrè ₦14,000. Ibi tí èyí ti máa ń dà rú ni àkókò. Lẹ́sìnnì ń tà nígbà tí ìdánwò ń bọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti jáde ní Wáẹ́ẹ̀kì tí ọlidé gígùn sì dé, méjì ló lè kù nínú mẹ́fà yẹn. Ẹni tí ọdún rẹ̀ pé ní oṣù kẹwàá ní sáà gbáko níwájú rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ pé ní oṣù keje ti bọ́ sínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Bó bá gba Èkó lọ sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀, kò ní san owó ilé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti ẹrù láti Ìgbóọrà gba ₦15,000, ó ku ₦135,000. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń jáde wá iṣẹ́, ọkọ̀ àti ohun tó ń jẹ lọ́nà jẹ́ ₦3,500 nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦42,000 lóṣù. Kò lè wà nílé onílé láìfọwọ́ sí ọbẹ̀, ká fi ₦20,000 síbẹ̀. Dátà jẹ́ ₦8,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦70,000, owó rẹ̀ kò sì ní pé oṣù méjì. Láti ọjọ́ tí èèyàn fi ìwé ránṣẹ́ títí dé ìdánwò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ó máa ń ju oṣù méjì lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí: owó tán ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó lọ jókòó níwájú wọn. Mo gbà pé Èkó dára fún ẹni tó ti ní ọjọ́ ìpàdé lọ́wọ́ kó tó wọkọ̀. Fún ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kó lè wà níbẹ̀ lásán, iná tó ń jó owó ni.

Òṣogbo ló kù, ibẹ̀ sì ni kò wu ọ̀pọ̀ láti padà sí. Ọkọ̀ ₦10,000, ó ku ₦140,000. Nílé bàbá rẹ̀, dátà, ọkọ̀, àti ohun tó ń fi sí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́ ₦30,000 lóṣù. Owó náà á gbé e kọjá oṣù mẹ́rin. Láti ibẹ̀, ó lè wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é, kó sùn mọ́jú, kó padà. Ìṣòro ilé ni pé wọ́n á rò pé kò ní nǹkan ṣe. Wọ́n á rán an lọ sọ́jà láàárọ̀, wọ́n á ní kó jókòó ti ìsọ̀ lọ́sàn-án, oṣù mẹ́rin á sì lọ láìsí lẹ́tà mẹ́wàá. Kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: "Mọ́mì, láti aago mẹ́jọ sí aago méjìlá, ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ ni mo ń wá nínú fóònù yìí, lẹ́yìn ìyẹn mo wà fún yín." Ìyá tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á fún un láyè.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, èyí tí ojú ń tì wá láti gbà ló ní àkókò tó pọ̀ jù.

Ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́

Òfin tó dá ètò yìí sílẹ̀ ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́ béèrè sàtífíkéètì ìsìnlú lọ́wọ́ ẹni tó gboyè kó tó gbà á. Nítorí náà ìwé náà kì í ṣe ohun àmúṣogo nìkan. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni orúkọ. Àjọ agùnbánirọ̀ kì í dá orúkọ kọ. Inú àkọsílẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga fi ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń mú un. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fo lẹ́tà kan, tàbí tí wọ́n fi orúkọ àárín síwájú, bẹ́ẹ̀ náà ló máa jáde. Kí wọ́n tó tẹ sàtífíkéètì, ó tọ́ kí kọ́pà wọ ojú ìwé rẹ̀ lórí ìkànnì àjọ náà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì yunifásítì àti káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, kó sì ka lẹ́tà wọn níkọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe tó bá kan lẹ́tà orúkọ sábà máa ń gba ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìyẹn ni kò fi ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Oṣù tí èèyàn kò bá ṣe kílíráǹsì náà ní ìyà tirẹ̀: aláwíì oṣù yẹn lè má wọlé, wọ́n sì lè fi àkókò kún ìsìnlú rẹ̀, kí ọ̀wọ́ rẹ̀ jáde kó ṣẹ́ kù.

Bó bá gba ìwé náà, kó má gbé e lọ fi ọ̀rá bò ó nínú ooru. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí òkè òkun lọ́jọ́ iwájú lè nílò kí ilé iṣẹ́ ìjọba lu òǹtẹ̀ sí i, òǹtẹ̀ kò sì mú lára ọ̀rá. Kó fi sínú fáìlì, kó ya fọ́tò tó mọ́, kó fi ránṣẹ́ sínú ímeèlì ara rẹ̀.

Ìwé kejì, ìyẹn lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ tí ọ̀gá buwọ́ lù fún kọ́pà fúnra rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ kì í ní rárá. Lẹ́tà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń kọ lóṣooṣù, títí kan ti ìkẹyìn, ọwọ́ àjọ agùnbánirọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ń dúró sí. Kọ́pà á gbé e lọ, á fi sílẹ̀, á rò pé òun ti gba lẹ́tà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kan bi í pé, "Kí lo ṣe níbẹ̀?", kò ní ìwé kan tó fi hàn án. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ gba lẹ́tà kílíráǹsì tó gbẹ̀yìn, kó gbé lẹ́tà ẹ̀rí yìí dání ní títẹ̀, kí ọ̀gá kàn yẹ̀ ẹ́ wò, kó buwọ́ lù ú, kó lu òǹtẹ̀ sí i. Kó má ṣe jẹ́ lẹ́tà tó ń sọ pé ó jẹ́ ọmọlúàbí nìkan. Kó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, iṣẹ́ tó kọ́, kíláàsì mélòó, ọmọ mélòó, ohun tó tún ṣe lẹ́yìn kíkọ́, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n lè pè. "Ó kọ́ ọmọ 64 ní jọ́gíráfì ní SS1 àti SS2, ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwọlé wọn lórí kọ̀ǹpútà" wúwo ju ojú ìwé kan tó kún fún ìyìn lọ.

Ẹni tó bá ń ronú láti padà sí yunifásítì fún oyè kejì, tiráńsíkíríìpù rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lé. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde ló ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun, kì í fi lé èèyàn lọ́wọ́, ó sì lè pẹ́. Kó san owó rẹ̀ nígbà tí aláwíì ṣì ń wọlé. Ní ti ọmọ jọ́gíráfì wa tó rí i pé òun fẹ́ràn kíkọ́ni, oyè rẹ̀ nìkan kò tó fún iṣẹ́ olùkọ́ tí ìjọba mọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa ń béèrè ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹni tí kò kà á ní yunifásítì, ìyẹn díplómà olùkọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́, tí olú rẹ̀ wà ní Kàdúná, ń ṣe é fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èèyàn sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Òṣogbo tàbí Ìgbóọrà.

Ìdí tí ọdún náà kò fi dáhùn

Mo ti rí i tí àwọn ọmọ yìí ń dá ara wọn lẹ́bi, bí ẹni pé ẹlòmíràn rí ìdáhùn gbà nínú àgọ́ tí tiwọn sì sọnù. Kò sí ìdáhùn tí wọ́n pín. Oṣù karùn-ún 1973 ni wọ́n dá ètò yìí sílẹ̀ nígbà ìjọba Ọ̀gágun Gowon, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Yunifásítì mẹ́fà péré ló wà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ Ìbàdàn sùn ní Sókótó kó rí i pé èèyàn bíi tòun ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló kàn, torí iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ ńlá ń dúró de ọmọ tó gboyè. Ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀ka ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nínú àjọ náà, ọjọ́ díẹ̀ nínú àgọ́ ló sì ń gbà kó tó di pé oníkálukú yóò lépa rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ́ afárá yìí láti so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú. Ẹni tó bá dé òpin rẹ̀ tí kò rí ọjà níbẹ̀ kò ṣìnà.

Nítorí náà, bí ọmọbìnrin jọ́gíráfì yẹn bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí òun lè kọ sábẹ́ fọ́tò òun, màá ní kó yọ ìlà kejì, kó fi èyí sípò rẹ̀: "Mo kọ́ ọmọ 64 ní jọ́gíráfì ní Ìgbóọrà fún ọdún kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Òṣogbo ni mo wà. Mo ń wá iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, lẹ́tà ọ̀gá mi sì wà lọ́wọ́." Ẹni tó bá ka ìyẹn mọ ẹni tó lè fi í hàn.